Àpilẹ̀kọ Kẹsàn-án: Lámèyítọ́ Ìwé Ìwáṣẹ́ Olùkọ́ Yunifásítì Kan

Ímeèlì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí, olùkọ́ yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá ló kọ ọ́ láti fi wáṣẹ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí ètò ìgbaniṣíṣẹ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀, ó gbà mí láyè láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun tàbí yunifásítì méjèèjì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Èmi ni mo sọ ohun tí mo bá yọ nínú rẹ̀ di Yorùbá. Bóyá wọ́n mú un tàbí wọn kò mú un kò kan iṣẹ́ tèmi níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìwé náà fi irú onímọ̀ tí ó jẹ́ han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó fi hàn, àmọ́ ó pẹ́ kó tó fi hàn, ibi tó sì ti pẹ́ náà ló yẹ kí á gbé yẹ̀ wò dáadáa.

Ara ímeèlì náà dára. Ìpínrọ̀ mẹ́rin péré ni, kò sì fi ọ̀kan ṣòfò. Ó dárúkọ ipò tó ń wá, ó sọ ipò tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́, ìyẹn olùkọ́ onípò kìíní, ó sì sọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní gbólóhùn kan tí kò lọ́jú pọ̀: òun ń wọn bí ohùn òkè ṣe ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú gbólóhùn Yorùbá gígùn. Kò yin yunifásítì náà ní àyìnjù, kò sì sọ pé àlá òun ni láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mẹ́nu ba ẹ̀kọ́ méjì tí òun lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ agbaniṣíṣẹ́ rí yóò mọ̀ pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ìsàlẹ̀ ímeèlì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìpolówó iṣẹ́ náà béèrè fún lẹ́tà, ìwé ìtàn iṣẹ́, àlàyé ìwádìí tí kò ju ojú ìwé méjì lọ, àti àpẹẹrẹ àpilẹ̀kọ méjì. Ohun tí olùkọ́ wa fi ránṣẹ́ jẹ́ fáìlì 17, àpilẹ̀kọ 14 sì wà nínú wọn. Mo mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó bá ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní láti kó ẹ̀dà gbogbo ohun tó ti tẹ̀ jáde sílẹ̀. Wọn yóò ka iye wọn, wọn yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ipò orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó jọ kọ ọ́. Èyí tí kò bá sí nínú fáìlì kò ní máàkì. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá láti ipò olùkọ́ onípò kejì sí ti kìíní ti kọ́ láti má ṣe fi ohunkóhun sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́ ní tirẹ̀ kò ka iye. Àpilẹ̀kọ méjì tí wọ́n béèrè ni wọ́n fẹ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fẹ́ kí ẹni tó ń wáṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn wọ́n, nítorí yíyàn náà ń sọ ohun tí ó kà sí iṣẹ́ gidi. Olùkọ́ wa kò yàn. Ó fi yíyàn náà lé àwọn tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Àbájáde rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn fáìlì tí wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán ìwé wà láàárín wọn, wọ́n sì tóbi. Bí fáìlì bá sì wọ inú ímeèlì, ó máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wú sí i, débi pé mẹ́gábáìtì 15 yóò di nǹkan bí 20 kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ó di dandan kó pín ímeèlì náà sí méjì, èkejì kò sì ní lẹ́tà kankan nínú. Àwọn orúkọ bíi `scan0012.pdf` àti `CV_new_final2.pdf` kò ran òǹkàwé lọ́wọ́ rárá. Orúkọ ẹni, ọdún àti kókó àpilẹ̀kọ ì bá tó.

Ohun tó kan ìwà òtítọ́ ló wúwo jù. Nínú àpilẹ̀kọ 14 náà, 9 ti jáde, jọ́nà ti gba 2, 3 sì ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn olótùú tí kò tíì fèsì. Olùkọ́ wa kọ "ń bọ̀ lọ́nà" síwájú márààrún tó gbẹ̀yìn láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Mi ò gbà pé ó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí lẹ́tà olótùú méjì wà lára ohun tó so mọ́ ímeèlì náà. Síbẹ̀, òǹkàwé tó bá rí i pé mẹ́ta kò ní ẹ̀rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn tó ní ẹ̀rí pàápàá. Méjì nínú àwọn 9 tó ti jáde sì wà nínú jọ́nà tó ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé láìsí pé onímọ̀ kankan yẹ iṣẹ́ wò. Ó rọrùn láti dá wọn mọ̀: ọjọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ náà wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i kò ju ọ̀sẹ̀ kan síra lọ, jọ́nà kan náà ń tẹ iṣẹ́ lórí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti ìmọ̀ nípa ẹja, ó sì ń fi nọ́ńbà ISSN yangàn bí ẹni pé nọ́ńbà yẹn ń jẹ́rìí sí ìjìnlẹ̀ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà ìwé tó ń jáde léraléra ni ISSN wà láti dá mọ̀, kò sọ ohunkóhun nípa dídára wọn. Ká ní ó yọ méjèèjì kúrò lára ohun tó fi ránṣẹ́, ìwé rẹ̀ ì bá lágbára sí i.

Ní báyìí, àpilẹ̀kọ kẹsàn-án. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó ti jáde, òun sì ni fáìlì kejìlá nínú ímeèlì. Lójú tèmi, òun nìkan tó láti mú kí ìgbìmọ̀ pe ọ̀gbẹ́ni yìí wá.

Kí á wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bá ń tẹ̀ lé ara wọn nínú gbólóhùn Yorùbá, ohùn òkè kọ̀ọ̀kan máa ń rẹlẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ díẹ̀, débi pé ohùn òkè tó gbẹ̀yìn lè sún mọ́ ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Etí wa kò ṣì í gbọ́. Bruce Connell àti Robert Ladd kọ nípa rẹ̀ ní 1990. Yétúndé Láníran fi ìmúlò ohùn Yorùbá ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Cornell ní 1992, òun àti Nick Clements sì tẹ iṣẹ́ tó gbòòrò jáde ní 2003, níbi tí wọ́n ti fi hàn pé ohùn òkè tún máa ń gbéra sókè bí ohùn ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé e. Àwọn gbólóhùn tí olùwádìí ti ṣètò sílẹ̀ ni irú iṣẹ́ báwọ̀nyí dá lé. Ìbéèrè olùkọ́ wa yàtọ̀: ẹni tó mọ̀ pé gbólóhùn gígùn ń bọ̀, ṣé ó máa ń gbé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè kí àyè má bàa tán mọ́ ọn nísàlẹ̀? Ó lọ bá àwọn tó ń ka ìròyìn Yorùbá lórí rédíò, nítorí gbólóhùn ìròyìn máa ń gùn. Ó gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á lórí afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n tún ìròyìn kan náà kà nínú yàrá tó dákẹ́, ó sì fi Praat wọn gíga ohùn. Àwọn kan gbé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ sókè bí gbólóhùn bá ṣe gùn tó. Àwọn mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀, ó sì sọ gbangba pé òun kò mọ ohun tó fà á. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an lórí èyí.

Ẹni tó bá ka àlàyé ìwádìí rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹni yìí kan náà ni. Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀: "Yorùbá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè tó ṣe pàtàkì jù ní Áfíríkà, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà, Benin àti Togo." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olùwáṣẹ́ èyíkéyìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá lè kọ ọ́. Ìdajì ojú ìwé kìíní lọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ karùn-ún ni iṣẹ́ rédíò náà ti yọjú, ní gbólóhùn méjì, láìsọ pé àwọn kan ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó máa kà á nínú ìgbìmọ̀ mọ iṣẹ́ Láníran àti Clements dáadáa; ohun tí wọn kò mọ̀ ni ibi tí tirẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Ká ní èmi ni, ohun tí ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Nínú iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí bí ohùn òkè Yorùbá ṣe ń rẹlẹ̀, gbólóhùn tí olùwádìí ṣètò ni a sábà máa ń kà. Mo ti wọn ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn, mo sì rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń múra sílẹ̀ fún gbólóhùn gígùn. Mo fẹ́ mọ ohun tó fa ìyàtọ̀ náà." Gbólóhùn mẹ́ta yìí sọ ohun tí a mọ̀, ohun tó fi kún un, àti ohun tó kàn.

Ètò ọdún márùn-ún tó fi parí àlàyé náà ní iṣẹ́ mẹ́ta: ohùn nínú gbólóhùn ìbéèrè, ẹ̀rọ tí yóò máa ka Yorùbá sókè, àti àfiwé ohùn nínú gbogbo ẹ̀ka èdè Yorùbá. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ló sọ ibi tí yóò ti rí ohùn tí yóò wọ̀n. Ẹ̀kẹta kọjá agbára ẹnì kan. Kò sì sọ bí yóò ṣe gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ àti lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò tó ni ètò ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣe é rí; àlàyé rẹ̀ wà nínú àpilẹ̀kọ kẹsàn-án.

Nínú àpilẹ̀kọ yẹn kan náà, àlàyé kékeré kan wà nísàlẹ̀ ojú ìwé pé díẹ̀ nínú àwọn tó ka ìròyìn kò rí ìwé náà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ kí wọ́n tó bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú yàrá nìkan ni ó wọ̀n, nítorí ariwo kò sí níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan náà, ìròyìn kan náà, wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì: nígbà tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbólóhùn, àti nígbà tó ti mọ ibi tí yóò parí sí. Bí ìmúrasílẹ̀ bá jẹ́ ìdí tí àwọn kan fi ń gbé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ sókè, àfiwé méjèèjì ni yóò fi hàn. Ohùn orí afẹ́fẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìwọ̀n, kò sì sí ibì kankan nínú ojú ìwé méjèèjì àlàyé ìwádìí rẹ̀ tó ti mẹ́nu bà á.