Nọ́ọ̀sì Kan ní Àfìn

Nínú gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó kíkọ́ ibùdó ìdánwò, ìyẹn ẹ̀dà ètò tí àwọn ènìyàn ń lò gan-an, níbi tí a ti lè tún kóòdù ṣe láìfọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Kí sáfà méjèèjì jọra kò le. Dátà ni ó le.

Ẹ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Àfìn Àkókó. Bí mo bá jókòó hun dátà láti orí ara mi, gbogbo orúkọ ni yóò kúrú, gbogbo àwìn ni wọn yóò sì san lásìkò. Kóòdù yóò yege lọ́dọ̀ mi, yóò wá kọsẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pàdé orúkọ gígùn tó ní ẹ àti ṣ nínú. Ìdí nìyí tí mo fi ń mú dátà gidi, tí mo sì ń fi àwọn tó ni ín pamọ́.

Orúkọ mìíràn tó gùn bákan náà, tó sì ní àmì, ni mo fi ń rọ́pò orúkọ. Ṣùgbọ́n ní Àkókó, orúkọ nìkan kọ́ ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbòmíràn: ní Massachusetts, ní nǹkan bí ọdún 1997, olùwádìí kan, Latanya Sweeney, rí àkọsílẹ̀ ìlera gómìnà William Weld nínú dátà tí wọ́n ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà àdúgbò ló fi mú un. Bí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo bá wà ní Àfìn tí wọ́n bí ní 1961, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Nítorí náà, lórí sáfà gidi, kí ohunkóhun tó kúrò níbẹ̀, mo máa ń béèrè pé:

```sql
SELECT ilu, ise, odun_ibi, count(*)
FROM omo_egbe
GROUP BY ilu, ise, odun_ibi
HAVING count(*) < 5;
```

Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ hàn sí gbangba. Mo máa ń sọ ọdún ìbí di ẹ̀wádún, mo sì ń pààrọ̀ ìlú láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́: iye ará Àfìn kò yí padà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ló yí. Lẹ́yìn náà, mo máa ń tún ìbéèrè náà ṣe láìsí `ilu`. Iṣẹ́ tó bá ṣì dá wà á di “mìíràn”. Nípa báyìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi dátà yìí wádìí ìlú tó ń san àwìn dáadáa. Ìyẹn ti sọnù.

Owó náà lè tú àṣírí. Mo máa ń sọ gbogbo owó ẹnì kan di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, bí àpẹẹrẹ 0.93, ṣùgbọ́n n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àròpọ̀. Ẹni tó san ₦333.33 lẹ́ẹ̀mẹta yóò ní ₦310.00 lẹ́ẹ̀mẹta, tó jẹ́ ₦930.00. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àròpọ̀ ₦999.99, ₦929.99 ni yóò jáde. Kọ́bọ̀ kan ti yẹ̀. Ṣe ni mo máa ń ro àròpọ̀ lákọ̀tun láti inú ìsanwó kọ̀ọ̀kan, kí ó lè jẹ́ pé bí kọ́bọ̀ bá yẹ̀ ní ibùdó ìdánwò, kóòdù ló jẹ̀bi.