Ọ̀rọ̀ Atọ́nà Lórí Odò Chobe

Bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí ní Kasane, ní ilẹ̀ Bòtìsúwánà, tí àwọn àlejò ti ń nàgà láti rí àjànàkú tó ń wẹ odò Chobe kọjá, atọ́nà tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ dárúkọ ẹranko kankan. Ẹ̀wù agbéniléfòó ni yóò wọ̀ lójú wọn, tí yóò so okùn rẹ̀ pinpin kó má baà gba orí yọ. Gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù ló tẹ̀ lé e: “Bí erin bá yọ lápá ọ̀tún, kí ẹni tó wà lápá òsì má dìde; èmi ni n ó yí ọkọ̀ fún un.” Ọgbọ́n gidi nìyí, nítorí bí gbogbo èrò bá rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi a wọlé, ọ̀nì sì ń bẹ nínú odò. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí atọ́nà yín kò bá sọ ọ́, ẹ bi í kó tó ṣíkọ̀.