Gbólóhùn tó ń bí eré
Nínú ìwé àbá fún eré àwòrán ọmọdé, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló wù mí jù: ta ni ọmọ náà, kí ló ń fẹ́, kí ló dí i lọ́nà? Ẹ wo Iwájú, tí Kugali àti Dísínì gbé jáde ní 2024. Tọ́lá, ọmọ olówó ní Erékùṣù Èkó, fẹ́ mọ òdìkejì ìlú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò gbà. Ibẹ̀ ni Kọ́lé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé lódìkejì, ti wúlò. Ibẹ̀ náà ni Otin, aláǹgbá ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ Tọ́lá, ti rí iṣẹ́ ṣe, títí ìpín mẹ́fà fi pé.

Ká ní Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun sì ń jẹ, la fẹ́ kọ eré nípa rẹ̀. “Ọmọ kan ń kọ́ àṣà wa” kò lè bí ìpín kejì. “Ọmọ kan fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìyá àgbà kúrò létí òkun, ìyá àgbà ò sì lọ” á bí i: lónìí omi wọ ilé ìdáná, lọ́la ó gba ẹnu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 5 sí 8 ló máa wò ó, òkun lè gbé àga ìyá àgbà lọ. Kò gbọdọ̀ gbé èèyàn.