Òjìji Inú Eyín

Ìgbà tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ eyín jù ni ìgbà tí mo bá gbé fọ́tò X-ray síwájú ìmọ́lẹ̀, tí aláìsàn sì sún mọ́ mi láti bá mi wò ó. Mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ibi tó funfun ni nǹkan ti le: èèpo eyín, egungun, irin tí wọ́n fi dí ihò. Ibi tó bá ṣókùnkùn, ohun líle ti dín níbẹ̀.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Moníyà wá bá mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Wọ́n ti ń ra kápúsù lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí wọ́n bá lò ó, á rọlẹ̀, bó bá tán, á tún padà. Wọ́n ní kòkòrò ló ń jẹ eyín àwọn. Mo yẹ ẹnu wọn wò, mi ò rí ihò kankan. Fọ́tò ló tú àṣírí.

"Màmá, ẹ wo èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Eyín ọgbọ́n nìyẹn. Kò rí àyè nàró, ó wá sùn síwájú bí èrò ọkọ̀ tó sùn lé èjìká ẹni tó jókòó tì í."

Oúnjẹ ń há sáàárín eyín méjèèjì, búrọ́ọ̀ṣì ò sì lè dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn eyín tí eyín ọgbọ́n gbára lé yìí, níbi tí ẹran bò, ló ti jẹrà. Ihò sì máa ń jìn ju bí fọ́tò ṣe fi hàn lọ, nítorí eyín á ti pàdánù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ohun tó mú un le kí òkùnkùn tó yọ. Ti Màmá ti wọnú mùdùnmúdùn.

Mo fi ìka tọ gbòǹgbò eyín tó jẹrà náà lọ sísàlẹ̀ lórí fọ́tò. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó yí i ká já lójijì, òkùnkùn roboto sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀: egungun ti jẹ níbẹ̀. Fọ́tò nìkan ò lè sọ pé ọyún ni. Wíwú náà, àti bí wọ́n ṣe ké nígbà tí mo kan eyín náà, ló jẹ́rìí sí i. Ká ní wọ́n wá lọ́jọ́ tí ìrora ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, fọ́tò lè má fi nǹkan kan hàn.

"Ṣé kápúsù ò ṣiṣẹ́ ni, Dókítà?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri, Màmá. Inú eyín yìí ti kú, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Àfi ká ṣí i kí ọyún jáde, ká fọ ihò gbòǹgbò, ká dí i. Bí kò bá ṣeé dí, ká yọ ọ́."

Ó ku eyín ọgbọ́n. Ìlà funfun méjì ló ń fi ojú ọ̀nà iṣan ìmọ̀lára ètè hàn nínú egungun àgbọ̀n. Níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti kọjá lórí wọn, ọ̀kan nínú ìlà náà pòórá, gbòǹgbò sì ṣókùnkùn. Ó ṣeé ṣe kí ó fara kan iṣan. Bí a bá fi ipá yọ ọ́, ètè lè kú tipiri. Mo kọ ìwé fún wọn lọ sí UCH, kí wọ́n ya àwòrán tó ń fi ìhà gbogbo hàn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan án.