"Àkọtọ́ Nìkan Ni A Yí Padà": Báwo La Ṣe Fẹ́ Mọ̀?

Gbólóhùn kan wà tó ti di àṣà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n ń tún tẹ̀: "Àkọtọ́ nìkan ni a yí padà, a kò fọwọ́ kan ìtumọ̀." Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi rí mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí kọjá láìbi í léèrè. Ta ló fi ẹ̀dà méjèèjì wéra? Báwo ló ṣe fi wọ́n wéra? Ẹni tó bá sọ pé òun kò fọwọ́ kan ìtumọ̀ ti jẹ́rìí ni o, ẹ̀rí sì yẹ kó ní ohun tó gbé e dúró. Èrò mi ni pé nínú èdè tiwa, ibi tí olótùú ti rò pé ìrísí lásán lòun ń tún ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ máa ń gbà sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tí iṣẹ́ yìí fi pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìpàdé àwọn ìjọ CMS tó wáyé ní Èkó ní 1875 ló fìdí ọ̀nà tí àwọn bàbá wa fi ń kọ Yorùbá múlẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ Bíbélì Àjàyí Crowther tó parí ní 1884, òun náà la sì bá nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà ní 1938. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé jáde lórí àkọtọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Nípa bẹ́ẹ̀, gbogbo ìwé tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà di ohun tó ń fẹ́ àtúnkọ. Kì í ṣe ìwé ńláńlá nìkan. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ náà wà níbẹ̀: ìtàn ìlú, ìtàn ìdílé, ìwé àjọ̀dún ìjọ, irú èyí tó wà nínú àpótí nílé àwọn àgbà ní Òṣogbo àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọmọ wọn ń tún wọn tẹ̀ báyìí. Bí ọ̀ràn oyè tàbí ilẹ̀ bá sì délẹ̀ lọ́la, ẹ̀dà tuntun tó mọ́ tónítóní ni wọ́n máa gbé wá. Kò sẹ́ni tó máa wá èyí tí ikán ti jẹ létí lọ.

Ẹ jẹ́ ká ya àwọn àyípadà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Irú kìíní kò ní wàhálà. "Oshogbo" di Òṣogbo, "Ilesha" di Iléṣà, "aiye" di ayé, "eiye" di ẹyẹ, "nwọn" di wọ́n, "yio" di yóò. Òfin ló ń darí rẹ̀. Bí mo bá fún ẹni mẹ́wàá ní "eiye", àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á kọ ẹyẹ. Ohun tó sì mú kí èyí jẹ́ ìrísí lóòótọ́ ni pé a lè padà sẹ́yìn: láti ara ẹ̀dà tuntun, a lè mọ ohun tó wà nínú ti àtijọ́ láìṣe àròsọ. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n mi àkọ́kọ́. Àyípadà tí òfin nìkan lè ṣe, tí ẹni tó ń ṣe é kò ní láti ronú sí i rárá, ìrísí ni.

Irú kejì ni àmì ohùn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ kò fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀; ẹni tó ń kà á ló ń gbé ohùn wọlé. Bí olótùú bá wá fi àmì sí i, a máa ń pè é ní àtúnṣe àkọtọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Ó ti ka ìwé náà fún wa ni, ó sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìkàsí tó kù. Mo kọ gbólóhùn kan fún àpẹẹrẹ, ní irú ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ̀wé ṣáájú 1966:

"Nigbati ogun nã pari, Ọwa ni ko wọ Ilesha pẹlu ọkọ rẹ."

Olótùú kan lè kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí ogun náà parí, Ọwá ní kó wọ Iléṣà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ rẹ̀." Ọwá pàṣẹ nìyẹn: jagunjagun kan gba ìyọ̀ǹda láti wọ̀lú pẹ̀lú ohun ìjà rẹ̀. Olótùú kejì lè kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí ogun náà parí, Ọwá ni kò wọ Iléṣà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ rẹ̀." Àwọn yòókù gbé ọ̀kọ̀ wọlé, ọba nìkan ni kò gbé tirẹ̀. Ẹnì kẹta á ní "ọkọ rẹ̀" ni, pé obìnrin kan ni Ọwá ní kó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wálé. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé "ọkọ́" ni, àgbẹ̀ ló ń padà bọ̀ láti ibi ààbò. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà, ìtàn mẹ́rin. Ká ní ìwé kan tó ń sọ nípa ogun Kírìjì, tí àwọn Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ni gbólóhùn yìí wà, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni ká mọ̀ bóyá ọba pàṣẹ tàbí kò wọ̀lú?

Ẹ wá wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ẹ̀dà méjì wéra lóde òní. Wọ́n á kó méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kó yọ àmì ohùn kúrò, kó sì ṣe àwọn àyípadà olófin, nítorí bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ojú ìwé ló máa pọ́n kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkàsí tí mo kọ sókè yìí ló máa yege nínú ìdánwò náà! Ohun tí ìdánwò náà fọ́jú sí ni ohun tí à ń wá gan-an. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí kọ̀ǹpútà má baà yọ àmì ìsàlẹ̀ ọ àti ẹ pọ̀ mọ́ àmì ohùn, torí nígbà náà oko tí a ń ro á di ọ̀kan náà pẹ̀lú ọkọ ìyàwó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wúlò o: ó máa ń fi hàn bí ìlà kan bá fò, tàbí bí ọ̀rọ̀ kan bá já bọ́. Kó má kàn dúró fún gbogbo iṣẹ́ náà ni.

Báwo la ṣe wá ń ṣe é? Ní ti àmì ohùn, ẹni tó kọ̀wé ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ẹ padà sí gbólóhùn wa. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé àtijọ́ kì í kọ "ko" fún kó. "Ki o" ni wọ́n máa ń kọ. Nítorí náà, ẹ lọ ka gbogbo ìwé náà, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tí "ki o" àti "ko" ti jẹ yọ sílẹ̀. Bí òǹkọ̀wé yìí bá ń lo "ki o" níbi gbogbo tó bá ti ń pàṣẹ, a jẹ́ pé "ko" inú gbólóhùn yìí ni kò; Ọwá kò wọlé. Bó bá sì ń lo méjèèjì bó ṣe wù ú, ẹ̀rí náà kò tó, olótùú kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọ̀kan fún wa ní ìdákẹ́jẹ́. Kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìní àmì, kó sì kọ ìkàsí méjèèjì sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Bó bá tilẹ̀ yan èyí tó tọ̀nà, ó ti sọ ohun tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ láìsọ di ohun tó sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹni méjì tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Ẹ fún ọ̀kan ní ẹ̀dà tuntun, ẹ fún èkejì ní ti àtijọ́, kí ẹni tó gba ti àtijọ́ sì jẹ́ àgbà tó mọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Kí kálukú ka ojú ìwé kan náà sókè, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà. Ibi tí ìtàn wọn bá ti yà, ibẹ̀ ni kí ẹ da ìka sí. Ojú olótùú kò lè ṣe èyí fún ara rẹ̀, torí ìkàsí tirẹ̀ ló máa ń gbọ́ nínú ẹ̀dà méjèèjì.

Irú kẹta ni àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Àkọtọ́ òde òní ya "nigbati" sí nígbà tí, ó ya "nitoripe" sí nítorí pé. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, ló fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í ka àlàfo sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré Dúró Ládípọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin ní 1964. Ọba Kò So ni. Ẹ so ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀, ó di Ọba Kòso. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ igbe àwọn olùfẹ́ Ṣàngó, tí wọ́n fi ń sẹ́ pé ọba kò pokùn so. Èkejì jẹ́ orúkọ oyè, ọba ìlú Kòso. Lẹ́tà kò yí padà, ohùn pàápàá kò yí padà. Àlàfo kan péré ló sọ gbólóhùn di orúkọ. Ẹni tó bá so ó pọ̀ nítorí pé ó fẹ́ kó rí dọ́gba ti gba àríyànjiyàn kúrò lẹ́nu eré náà.

Ó ku ẹ̀ka-èdè. Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá kọ "ulé" àti "uṣu", olótùú á fẹ́ sọ wọ́n di ilé àti iṣu. Ilé náà ṣì ni ilé, mo gbà. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àtúnṣe àkọtọ́, ìtumọ̀ láti ẹ̀ka-èdè kan sí òmíràn ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan nínú ìtàn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, "ulé" yẹn ló ń sọ fún wa pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjà Òṣogbo ló wà. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa buwọ́ lu ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ pa gbólóhùn àṣà yẹn tì. Ẹ kọ ọ́ pé: àwọn lẹ́tà báyìí báyìí ni a yí padà gẹ́gẹ́ bí òfin; àmì ohùn jẹ́ ti olótùú; ibi báyìí báyìí ni ìkàsí ti lé ní ọ̀kan. Ẹ má sì sọ ẹ̀dà àtijọ́ nù lẹ́yìn tí tuntun bá ti jáde. Òun nìkan ló lè jẹ́rìí lé yín lórí.