Lésà Wọn Ògiri, Ta Ló Kọ Iṣẹ́ Ọwọ́ Sílẹ̀?

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe jẹun, torí náà àwòrán Mọ́ṣáláṣí Ńlá Djenné ní Màlì wọ̀ mí lójú gan-an. Ẹgbẹ́ Zamani ti Yunifásítì Kéèpù Táùn ló fi ẹ̀rọ lésà wọn ilé náà. O lè yí i po lójú kọ̀ǹpútà, kó o wọn ògiri látorí àga rẹ. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ara ògiri ti ọdún wo ni wọ́n wọ̀n?

Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn ní 1907. Òjò máa ń fọ̀ ọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tún un rẹ́ lọ́dọọdún. Àwọn bíríkìlà ìlú náà, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ barey ton, ló ni iṣẹ́ yìí. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì, wọ́n á fi omi sí i, wọ́n á sì fi sílẹ̀ títí á fi kan. Lọ́jọ́ ìrẹ́lé, ìlú á kún bí ojú ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré gbé amọ̀, àwọn obìnrin á máa pọnmi. Bíríkìlà á gun àwọn igi ọ̀pẹ tó yọ síta lára ògiri, tí wọ́n ń pè ní toron, á sì fi ọwọ́ lásán rẹ́ ẹ. Àwọn àgbà iṣẹ́ á máa wò wọ́n.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Awọ tí lésà wọ̀n kì í pẹ́ lára ilé náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń pẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni fáìlì yẹn gbé wá, kò ní `git log`.

Trevor Marchand gba ọ̀nà míì. Ó ṣe lébìrà lábẹ́ àwọn bíríkìlà Djenné, ìwé rẹ̀ nípa wọn sì jáde ní 2009. Níbẹ̀ lo ti máa rí bí ọmọṣẹ́ ṣe ń fi ojú àti ọwọ́ kọ́ṣẹ́, àti àdúrà àti ọfọ̀ tí ọ̀gá fi ń dáàbò bo iṣẹ́. Àbùkù ìwé náà ni pé kò lè sọ fún ẹ iye tí ògiri fi tẹ̀.

Ní November 2009 kan náà, lẹ́yìn òjò ńlá, apá kan ilé ìṣọ́ mọ́ṣáláṣí náà wó. Níbi báyìí lésà wúlò: bí wọ́n bá wọn ilé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á rí ibi tí amọ̀ ti ń nípọn jù, torí ìrẹ́ lórí ìrẹ́ máa ń wúwo. Àmọ́ kò lè sọ irú amọ̀ tí wọ́n máa fi tún un ṣe, tàbí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ti kan tó. Ẹnu bíríkìlà nìyẹn wà.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí wọ́n so ohùn bíríkìlà, ọjọ́ ìrẹ́ àti ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ mọ́ apá ògiri tí ọ̀rọ̀ kàn nínú fáìlì. Ohun tó bá jẹ́ àṣírí ẹgbẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Láìsí èyí, bí ilé bá wó, àwòrán tó mọ́ rekete la máa jókòó tì, tá ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pomọ̀.