Ọgbọ́n Ìdúnàádúrà Aládìrẹ lórí Wasáàpù

Ohun tó yẹ fún ìyìn lára àwọn aládìrẹ tó ń tajà lórí Wasáàpù ni bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà tó ń ná ọjà lóhùn tí èrè, ìyẹn owó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, kò fi ní bọ́ sọnù. Bí ìnáwó orí aṣọ kan bá jẹ́ ₦7,500, tí wọ́n sì ń tà á ní ₦10,000, ẹ̀dínwó ₦2,000 kò ju ìdá kan nínú márùn-ún iye ọjà lọ, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èrè ni yóò gbé lọ. Nítorí náà, aládìrẹ tó mọṣẹ́ a máa fèsì pé: “Ẹ ṣeun mà, ẹyọ kan ò lè dín, ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú méjì, ẹ san ₦19,000.” Èrè ₦4,000 ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan péré lòun fẹ́ lè gba ènì, bí ìborùn kékeré tí wọ́n fi àgékù aṣọ rán, nítorí pé ènì kì í yí iye ọjà padà, nígbà tí ẹ̀dínwó tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ṣeé fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ (wọ́n sì ń fi ránṣẹ́!), tí òun náà yóò fi béèrè tirẹ̀. Ọjà tó ti pẹ́ nílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yọ̀ǹda ní iye tó sún mọ́ ìnáwó, kí owó lè padà sọ́wọ́.